Fíìmù Tó Kú Lọ́sàn-án, Tó Jí Lóru

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Fox gbé fíìmù kan jáde ní Àmẹ́ríkà, orúkọ rẹ̀ ni The Rocky Horror Picture Show. Ìlú bíi mẹ́jọ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé. Yàtọ̀ sí ilé sinimá kan ní Westwood, ní ìlú Lọs Ángẹ́lísì, àga òfìfo ló ń wo fíìmù náà níbi tó kù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ká a kúrò nílẹ̀, wọ́n sì fagi lé ìfihàn tó yẹ kó wáyé ní Niu Yọ́ọ̀kì lásìkò ọdún Halowíìn. Fíìmù yìí kan náà ni wọ́n ṣì ń fi hàn ní ilé sinimá lónìí, lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, kò sì sí fíìmù mìíràn tó tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìfihàn. Owó tí wọ́n fi ṣe é kò pé mílíọ̀nù kan àbọ̀ dọ́là. Èyí tó ti pa wọlé ti kọjá ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Irú fíìmù báyìí, tí ọjà kọ̀, tí àwọn kan wá gbé mọ́ra bí ẹni gbé òrìṣà, ni mo fẹ́ pè ní fíìmù ọlọ́mọlẹ́yìn lálẹ́ yìí. Ìbéèrè wa ni pé, kí ló ń mú kó rí bẹ́ẹ̀?

Àlàyé tó yá jù lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé fíìmù náà dára láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ojú àwọn òǹwòran ìgbà náà ló dí, tó wá là nígbà tó yá. Àlàyé yìí dùn-ún gbọ́, torí ó ń pọ́n àwa tí a dé gbẹ̀yìn lé. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀lé fíìmù yìí láti oṣù dé oṣù, a ó rí i pé kò sí ojú ẹni tó là. Ibi tí wọ́n ti ń wò ó ló yí padà, àti aago tí wọ́n ń wò ó, àti iye ìgbà tí ẹnì kan náà lè padà wá, àti ẹni tó jókòó tì í. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín ni pé ìṣubú fíìmù náà gan-an ló pèsè gbogbo nǹkan wọ̀nyí fún un. Ká ní ó pa owó níwọ̀nba ní 1975 ni, wọn ì bá ti fi hàn tán láàárín oṣù mẹ́ta, wọn ì bá kó o sí àká, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ì bá sì parí síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí fíìmù náà jẹ́. Eré orí ìtàgé ni tẹ́lẹ̀. Richard O'Brien ló kọ ọ́, Jim Sharman ló darí rẹ̀, wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é ní oṣù kẹfà ọdún 1973, nínú yàrá kékeré kan lókè ilé ìtàgé Royal Court ní Lọ́ńdọ̀nù, yàrá tí kò gbà ju bí ọgọ́ta ènìyàn lọ. Eré náà gbilẹ̀ níbẹ̀, ó tún gbilẹ̀ ní Lọs Ángẹ́lísì ní 1974, ṣùgbọ́n nígbà tó dé Broadway ní Niu Yọ́ọ̀kì ní oṣù kẹta ọdún 1975, ìgbà márùndínláàádọ́ta péré ni wọ́n ṣe é tí wọ́n fi palẹ̀ mọ́. Ìtàn Brad àti Janet ni, àfẹ́sọ́nà méjì tí táyà ọkọ̀ wọn bẹ́ lóru nínú òjò, tí wọ́n lọ tọrọ fóònù ní ilé ńlá àtijọ́ kan. Ẹni tí wọ́n bá níbẹ̀ ni Dókítà Frank-N-Furter, ọkùnrin tó wọ aṣọ abẹ́ obìnrin àti bàtà gogoro, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọkùnrin géńdé kan bí ẹni mọ ìkòkò. Wọ́n fi í ṣẹ̀fẹ̀ àwọn fíìmù abàmì àtijọ́, orin rọ́ọ̀kì sì kún inú rẹ̀. Ẹni tó wá nítorí ẹ̀rù kò rí ẹ̀rù, ẹni tó wá nítorí orin ìfẹ́ bá ohun tí kò lè rò fún ìyá rẹ̀ nílé. Ohun kan tún wà tó jọ àbùkù: ìdákẹ́ pọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré, bí ẹni pé orí ìtàgé ni wọ́n ṣì wà, tí wọ́n ń dúró kí ẹ̀rín òǹwòran rọlẹ̀. Nínú ilé sinimá tí ènìyàn mẹ́wàá jókòó káàkiri, ìdákẹ́ yẹn dà bí ìgbà tí èèyàn kí ará ilé tí kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹ fi ìdákẹ́ yẹn pamọ́ fún mi, a ó padà wá mú un.

Kí ló dé tí Westwood fi yàtọ̀? Ìdí kan hàn gbangba: ìlú tí eré orí ìtàgé náà ti gbilẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni. Àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Fox ṣàkíyèsí ohun mìíràn níbẹ̀, ohun tí ìṣirò owó wọn kì í fi hàn. Ojú kan náà ni wọ́n ń rí. Àwọn tó wá lọ́jọ́ Ẹtì náà ló tún wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n sì ti mọ orin inú rẹ̀ lórí. Ilé iṣẹ́ fíìmù kì í ka irú èyí sí nǹkan, torí tíkẹ́ẹ̀tì ló ń kà, kì í ka orí. Ká sọ pé ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn wo fíìmù kan lẹ́ẹ̀kan péré, ká tún sọ pé ogún ènìyàn wo òmíràn ní àádọ́ta ìgbà. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ̀rún kan ni méjèèjì. Nínú ìwé ìṣirò, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún ènìyàn àkọ́kọ́ ti túká, kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀, nígbà tí ogún yòókù ti mọ orúkọ ara wọn, wọ́n mọ àga tí olúkúlùkù fẹ́ràn, wọ́n sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa ti bọ́ lẹ́nu òṣèré kí ó tó bọ́. Fíìmù kejì yìí nìkan ló lè di ọlọ́mọlẹ́yìn.

Fox kò tètè lóye èyí. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rò ni pé ọ̀dọ́ ló fẹ́ràn rẹ̀, nítorí náà wọ́n so ó mọ́ fíìmù olórin mìíràn, Phantom of the Paradise, wọ́n gbé méjèèjì lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Èrò tó wá kò tó nǹkan. Ìjákulẹ̀ kejì yìí ṣe pàtàkì fún àlàyé wa. Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ́ nìkan ni fíìmù náà ń wá, ó ti rí wọn. Ohun tí kò rí ni ojúkò, ibi kan tí kò ní kúrò, tí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ lánàá á tún bá a lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Òṣìṣẹ́ ìpolówó kan ní Fox, Tim Deegan, ló bá wọn wá ojúkò yẹn. Ó bá ilé sinimá Waverly sọ̀rọ̀, ní àdúgbò Greenwich Village ní Niu Yọ́ọ̀kì, pé kí wọ́n máa fi fíìmù náà hàn ní agogo méjìlá òru. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1976. Deegan kọ́ ló dá àṣà sinimá òru sílẹ̀. Láti ìparí ọdún 1970 ni ilé sinimá Elgin ní ìlú kan náà ti ń fi El Topo hàn lóru, tí èrò sì ń rọ́ lọ síbẹ̀. Ẹ wo bí ọrọ̀ ajé òru ṣe rí. Onílé sinimá ti san owó ilé àti iná tán láti ọ̀sán, wákàtí tí ì bá ti ilẹ̀kùn ló fi ń ṣòwò. Ilé iṣẹ́ náà kò ní ná owó lórí ẹ̀dà tuntun, torí ẹ̀dà fíìmù tó ṣubú wà nílẹ̀ tó ń gba eruku. Bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn péré bá wá, kò sẹ́ni tó pàdánù, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń kánjú láti lé fíìmù náà kúrò kí òmíràn lè wọlé. Fíìmù tó ń tà ní agogo mẹ́jọ alẹ́ kò lè rí irú sùúrù yìí gbà. Ta ni yóò gbé e fún oníṣòwò òru? Ẹni tó bá ṣubú nìkan ni wọ́n ń fún ní àyè láti rápálá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Waverly kò bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fi àwo orin rẹ̀ sí i kí ara èrò lè yá. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ nígbà tí òṣèré tí wọ́n fẹ́ràn bá yọ, wọ́n ń pariwo lé èyí tí wọn ò fẹ́ràn. Oṣù márùn-ún kọjá. Ní àsìkò ìsinmi ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, Janet ń rìn nínú òjò lójú aṣọ sinimá, ìwé ìròyìn ló fi borí, ni olùkọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kan bá bú u láti orí àga pé kó yáa lọ ra agbòjò, ahun bíi tìẹ. Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àwọn mìíràn ti ní èsì tiwọn. Inú ìdákẹ́ tí mo ní kẹ́ ẹ fi pamọ́ fún mi ni wọ́n ń ju ọ̀rọ̀ náà sí. Ohun tó jẹ́ àbùkù lọ́sàn-án wá di àyè lóru. Ẹni tó bá ti jókòó nídìí àlọ́ rí mọ èyí dáadáa: apàlọ́ kì í sọ ìtàn rẹ̀ mọ́ra wọn gádígádí, ó máa ń fi àyè sílẹ̀ fún ègbè, àlọ́ tí kò bá sì lẹ́gbè, ọmọdé á sùn lọ. Rocky Horror wá sí 1975 bí apàlọ́ tí kò rí elégbè. Ní Waverly, elégbè dé.

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ tẹ̀lé ẹnu. Bí wọ́n bá ń ṣe ìgbéyàwó ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, òǹwòran á fọ́n ìrẹsì. Bí òjò bá ń rọ̀ lójú aṣọ sinimá, wọ́n á fi ìwé ìròyìn borí bíi Janet, àwọn tó wà lẹ́yìn á sì máa fi ìbọn omi ọmọdé wọ́n omi sí wọn lára. Bí orin bá dárúkọ iná kan nínú òkùnkùn, ilé á tan ìṣáná. Nígbà Halowíìn ọdún náà, àwọn kan ti ránṣọ bíi ti àwọn inú fíìmù wá. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ń dìde sí iwájú, tí wọ́n ń ṣe eré náà pẹ̀lú ara wọn bí fíìmù ṣe ń lọ lẹ́yìn wọn. Ní 1978 ilé sinimá mìíràn ní àdúgbò náà, 8th Street Playhouse, gbà wọ́n, wọ́n sì ti ní ẹgbẹ́, wọ́n ní ààrẹ ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Sal Piro. Àwọn ìlú mìíràn gba àṣà náà. Àlejò tó wá fún ìgbà àkọ́kọ́ kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ojú sì ń tì í, nítorí náà ó ní láti padà wá kó lè mọ̀ ọ́n. Ìgbà kejì yẹn ni ọ̀nà tí òǹwòran ń gbà di ọmọlẹ́yìn.

Irú ẹni tó ń lọ síbẹ̀ náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Greenwich Village ni àdúgbò tí àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti àwọn ọkùnrin tó ń wọṣọ bí obìnrin ti kọjú ìjà sí ọlọ́pàá ní ilé ọtí Stonewall ní 1969. Ní 1976, ibi tí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ lè wọ ohun tó wù ú kí àwọn tó yí i ká sì pàtẹ́wọ́ fún un kò pọ̀. Fíìmù tí akọni rẹ̀ jẹ́ Frank-N-Furter fún wọn ní irú ibẹ̀, ní iye owó tíkẹ́ẹ̀tì kan. Èmi ò sọ pé gbogbo òǹwòran ló rí bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ girama tó kàn fẹ́ pariwo lóru ọjọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń padà wá láìdánudúró, tí iná náà kò fi kú nígbà tí èrò kò tíì pọ̀, ní ìdí tó ju fíìmù lọ tí wọ́n fi ń wá.

Ẹnìkan lè takò mí níbí pé ọgbọ́n ìtajà lásán ni gbogbo èyí. Ṣebí òṣìṣẹ́ Fox ló gbé fíìmù lọ sí Waverly? Bẹ́ẹ̀ ni, òun ni. Ṣùgbọ́n Fox fúnra rẹ̀ ti bá wa dán àtakò yìí wò. Nígbà tí wọ́n rí owó tó ń wọlé láti òru, wọ́n ní kí O'Brien àti Sharman ṣe òmíràn. Shock Treatment ni orúkọ rẹ̀, ó jáde ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 1981. Brad àti Janet tún wà nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òṣèré mìíràn ló ṣe wọ́n, orin tún wà, àwàdà tún wà, owó tí wọ́n fi ṣe é sì ju ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́ lọ. Wọn ò tilẹ̀ dúró kó ṣubú kí wọ́n tó gbé e fún àwọn ilé sinimá òru, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, tààrà sọ́wọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn. Fíìmù náà kò rìn. Olówó kan náà, olùdarí kan náà, òǹkọ̀wé kan náà, wákàtí kan náà. Ohun tí wọn ò lè fi owó rà ni oṣù márùn-ún tí ogún ènìyàn fi wá ọ̀rọ̀ ẹnu ara wọn láìsí ẹni tó ní kí wọ́n wá a. Nígbà tí onílé bá ti kọ ègbè lé ọ lọ́wọ́ kí o tó jókòó, kí lo tún fẹ́ gbé wá? Ilé iṣẹ́ lè ṣílẹ̀kùn yàrá, kò lè jókòó nínú rẹ̀ fún èrò.

Àtakò kejì lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní fíìmù tó dára yóò rí ọ̀nà tirẹ̀ bó pẹ́ bó yá, òru tàbí ọ̀sán. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ á tọ́ka sí It's a Wonderful Life, tí Frank Capra ṣe, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1946, tí owó rẹ̀ kò padà sílé, tí gbogbo Àmẹ́ríkà sì wá ń wò ní gbogbo ọdún Kérésìmesì. Mo gbà pé fíìmù náà dára. Ṣùgbọ́n ó dára báyìí ní 1946, ó dára báyìí ní 1960, kò sì sẹ́ni tó ń pariwo rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé òfin ìgbà náà ní kí ẹni tó ni fíìmù sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ dọ̀tun lẹ́yìn ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ní 1974, ilé iṣẹ́ tí fíìmù yìí bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ kò sọ ọ́ dọ̀tun. Ẹni tó gbàgbé dúkìá kì í sábà gbàgbé èyí tó ń pa owó, ìṣubú ọjọ́sí náà ló tún ṣiṣẹ́ níbí. Láti ìgbà náà, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n yòówù lè fi í hàn láìsan owó fún oníṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn sì ń fi í hàn léraléra ní oṣù Kejìlá, torí pé ọ̀fẹ́ ni. Báyìí ni ìdílé kan á bá a pàdé lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó fi di 1993 tí ilé iṣẹ́ Republic fi ẹ̀tọ́ orí ìtàn àti orin inú rẹ̀ gba fíìmù náà padà, ìfẹ́ ti mú gbòǹgbò, fífi hàn lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún sì ti tó láti mú un dúró. Dídára wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun nìkan kò lè ṣí ilẹ̀kùn.

Bẹ́ẹ̀ ni fíìmù tí kò dára rárá lè wọ ẹnu ọ̀nà kan náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2003, Tommy Wiseau gbé The Room jáde ní Lọs Ángẹ́lísì, fíìmù tó kọ, tó darí, tó tún ṣe olú òṣèré inú rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ohun tó pa wọlé jẹ́ bí ẹgbẹ̀rún kan ó lé ẹgbẹ̀rin dọ́là, owó tí kò tó ra ọkọ̀ àlòkù tó jíire níbẹ̀. Ìtàn inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ohun tí kò parí, àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ ń wọlé láìnídìí. Àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ tó wà nínú ilé sinimá tó ṣófo náà bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀rẹ́ wọn pé kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí àwọn ń sọ sí i. Òru ló gba òun náà. Àwòrán ṣíbí wà nínú férémù lórí tábìlì nínú fíìmù náà, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀, nítorí náà nígbàkígbà tó bá hàn, òǹwòran á ju ṣíbí ike sójú aṣọ sinimá. Ẹni tó bá ní dídára ló ń sọ fíìmù di ọlọ́mọlẹ́yìn ní láti ṣàlàyé ṣíbí yẹn fún wa. Tèmi ni pé àyè wà nínú fíìmù náà, ènìyàn kan náà sì ń padà wá láti kún un.

Ẹ má ṣe gbọ́ ọ bí ẹni pé gbogbo fíìmù tó ṣubú ló ní òru tó ń dúró dè é. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kú pátápátá, a ò sì gbọ́ orúkọ wọn torí pé wọ́n kú. Fíìmù tí kò fi àyè sílẹ̀, tí ohun gbogbo inú rẹ̀ dọ́gba délẹ̀, tó kàn jẹ́ aláìdùn, ìwọ gbé e sóru fún ọdún mẹ́wàá, oorun ni yóò pa èrò. Bákan náà ni èyí tó ní àyè àmọ́ tí kò rí ojúkò. Fox mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa nígbẹ̀yìn, torí nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò gba òde ní àwọn ọdún 1980, wọn ò tètè gbé Rocky Horror síta ní Àmẹ́ríkà. Ọdún 1990 ni wọ́n tó tà á fún ẹni tó fẹ́ wò ó nílé. Ẹni tó bá ń dá wò ó lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú rí fíìmù tí àwọn èrò 1975 rí gan-an, pẹ̀lú ìdákẹ́ rẹ̀.

Ní 2019, ilé iṣẹ́ Disney ra ilé iṣẹ́ fíìmù Fox, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ fún ọ̀pọ̀ ilé sinimá láti máa fi àwọn fíìmù Fox àtijọ́ hàn. Àwọn fíìmù ńláńlá tó ti gba oríṣiríṣi ẹ̀bùn bọ́ sínú àká báyìí. Wọ́n yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ní ìlú Munich lórílẹ̀-èdè Jámánì, ilé sinimá Museum Lichtspiele tó ti ń fi Rocky Horror hàn láti 1977 kò ní láti paná. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí wọ́n bá pa iná ilé, tí Brad bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tó sì dákẹ́ díẹ̀, ẹnìkan láti orí àga ẹ̀yìn yóò bá a parí rẹ̀.